Oko Àwòkọ́ṣe Tó Rọ Lórí Ilẹ̀ Tútù

Ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ni mo tó gbà pé ọ̀rọ̀ oko náà ti kọjá ọ̀rọ̀ omi. Aago kan ọ̀sán ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè mi ti là. Mo ki ìka bọ ilẹ̀ nídìí tòmátì kan, ìka wọlé dé oríkèé kejì, ilẹ̀ tutù, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Àmọ́ tòmátì tó dúró lórí ilẹ̀ tútù yìí ti rọ bí ẹ̀fọ́ tó wà lórí àtẹ láti àárọ̀. Ewé rẹ̀ dorí kodò. Mo wo bẹ́ẹ̀dì kejì, mo wo ẹ̀kẹta, bákan náà ni gbogbo wọn rí.

Àǹtí Ágíríkì làwọn àgbẹ̀ ń pè mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ọ̀nà ọ̀gbìn tó dáa dé ọ̀dọ̀ wọn lábúlé, kí n sì gbìn ín síbi tí wọ́n á ti fojú ara wọn rí i. Ibi tá à ń wí yìí jẹ́ àkùrọ̀ kan lọ́nà Ìkòyí, kò jìnnà púpọ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá kan ló ni ilẹ̀, èmi ni mo yàn án. Ó wù mí torí pé ẹ̀bá ọ̀nà ló wà: ẹni tó bá ń lọ ọjà á rí i, á sì ka pátákó wa. Ó tún ga ju ilẹ̀ àwọn yòókù lọ díẹ̀, omi odò kì í bò ó lóṣù kẹsàn-án bó ṣe ń bo tàwọn tó wà nísàlẹ̀. Iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, ọkọ́ ń wọlé geere. Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn, torí gbogbo ohun tí mo fi yan ilẹ̀ yẹn náà ló padà wá jà mí.

Bẹ́ẹ̀dì ogún ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà kan, ó sì gùn tó mítà mẹ́wàá. Lẹ́ẹ̀rùn àkọ́kọ́, apẹ̀rẹ̀ tòmátì 31 la ká níbẹ̀. Lọ́dún kejì a ká 34. Àwọn èèyàn ń ti abúlé mìíràn wá wò ó. Tẹ́nì kan bá ń jiyàn nípa àlàfo tó yẹ kó wà láàárín tòmátì méjì, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Lọ wò ó lóko Àǹtí." Lọ́dún kẹta ó wálẹ̀ sí 27. Mo ní ọyẹ́ ló le, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé mi. Nígbà tí òjò bá dé, Bàbá á gbin ilá àti ṣọkọ sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ilẹ̀ kì í ṣófo lọ́dún ká. Mo tiẹ̀ máa ń fi ìyẹn yìn ín lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá la fún irúgbìn sí nọ́sìrì, ní igun oko náà gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ṣí i lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tòmátì tó kù, àgbẹ̀ mẹ́fà pín in, wọ́n lọ gbìn ín sí ilẹ̀ tiwọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo ya fọ́tò.

Ìdajì oṣù kejìlá ni mo kọ́kọ́ rí i pé àwọn kan lápá ibi tí iyanrìn ti pọ̀ jù ń rọ lọ́sàn-án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún dìde bíi pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Mo ní omi ni. Ìṣirò tí mo sì kọ́ wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ le: ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn níhìn-ín, oòrùn àti ọyẹ́ ń fa bíi lítà márùn-ún sí mẹ́fà lórí mítà kan níbùú lóròó lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀dì wa jẹ́ mẹ́wàá irú rẹ̀, ìyẹn lítà 50 sí 60. Agolo ìbomirin wa ń gba lítà mẹ́wàá, nítorí náà agolo mẹ́fà tó fún bẹ́ẹ̀dì kan. Nígbà tí wọ́n ń rọ, mo sọ ọ́ di agolo mẹ́sàn-án. Mo sì sọ fún àwọn mẹ́fà tó gba ọmọ tòmátì lọ́dọ̀ wa pé kí àwọn náà fi kún tiwọn. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fami ra epo sí i, ẹni tó ń fi korobá pọn ún ní kánga fi wákàtí kan kún ìdúró rẹ̀.

Rírọ ò dáwọ́ dúró. Ewé ìsàlẹ̀ wá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, torí àpọ̀jù omi ti fọ oúnjẹ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ nínú iyanrìn yẹn. Mo tún rò pé ajílẹ̀ ló kù, mo ní kí Bàbá bu fatiláísà funfun díẹ̀ sí i. Ewé tutù díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún padà síbi tó wà. Bàbá jókòó sórí agolo tó dojú dé, ó ń wò ó.

"Àǹtí," ó ní, "omi tí à ń bu yìí ń dé ibì kan o, àmọ́ kò dé ọ̀dọ̀ tòmátì."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀kọ́ nígbà yẹn. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ni. Tí ilẹ̀ bá gbẹ tí ohun ọ̀gbìn sì rọ, kò sí ohun tó ya èèyàn lẹ́nu. Tí ilẹ̀ bá tutù tó sì ń rọ, a jẹ́ pé láàárín ilẹ̀ sí ewé ni ìdínà wà, nínú gbòǹgbò tàbí nínú igi rẹ̀. Mo kọ́kọ́ wo igi rẹ̀. Mo gé ọ̀kan nísàlẹ̀, mo ki ibi tí mo gé sínú ife omi tó mọ́, mo sì dúró. Tó bá jẹ́ àrùn arọni tí kòkòrò bakitéríà máa ń fà ni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan funfun bí omi wàrà á máa fà tín-ín-rín wálẹ̀ láti ẹnu ọgbẹ́ náà. Omi mi mọ́ kedere. Irú àrùn yẹn lè jẹ́ kó dìde nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi máa ń kú nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, tiwa sì ti ń dìde láti ìdajì oṣù kejìlá. Ìyẹn nìkan ìbá ti tó láti mú un kúrò nínú ohun tí mò ń fura sí.

Ó yẹ kí n fa ọ̀kan tu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mi ò fà á. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn máa wá wo oko ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ti pe àwọn abúlé mẹ́rin, n kò sì fẹ́ kí àlàfo wà láàárín bẹ́ẹ̀dì. Oko àwòkọ́ṣe ní ẹwà tirẹ̀ tó ń dè wá lọ́wọ́: a máa ń tọ́jú rẹ̀ bí yàrá àlejò. Àgbẹ̀ tó ń ṣe tirẹ̀ á ti hú mẹ́ta wò kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó máa ń wá ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ Bàbá, tó ń gbé e lọ Wàásò, ló bá wa níbẹ̀. Ó wo tòmátì, ó wo èmi.

"Ẹ kú ọyẹ́ o, Àǹtí. Ṣé ẹ ti wo ẹsẹ̀ ẹ̀?"

Mo ní rárá.

"Ṣọkọ tí mo rà níbí lésìí, kókó kókó lẹsẹ̀ ẹ̀. Oníbàárà mi kan ní ṣé mo lọ ń ta ẹ̀pà mọ́ ẹ̀fọ́ ni. Àtìgbà yẹn ni mo ti máa ń gé gbòǹgbò ti oko yìí dànù kí n tó dì í."

Ó ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ń mú kó rí gbòǹgbò, torí títu la máa ń tu ṣọkọ tà. Tòmátì, èso rẹ̀ nìkan là ń ká, gbòǹgbò á kú sínú ilẹ̀ síbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó bi í.

Mo mú ọkọ́. Ẹ má fọwọ́ fà á o, torí tí ẹ bá fà á, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á já sínú ilẹ̀, ẹ̀yin á máa wo ìdí igi tó mọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ yíká, ẹ gbé e tòun tilẹ̀, kí ẹ wá rì í sínú korobá omi kí ilẹ̀ máa já kúrò fúnra rẹ̀. Nígbà tí èyí tí mo gbé jáde mọ́ tán, mo kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Gbòǹgbò tó yẹ kó tín-ín-rín bí irun ti wú, ó ní kókó lọ́tùn-ún lósì, òmíràn tó orí ìṣáná, òmíràn tó hóró ẹ̀pà, àwọn kan so pọ̀ bí àtalẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Mo fi èékánná la kókó kan, mo gbé e sí oòrùn: nǹkan funfun kan wà nínú rẹ̀ tó ń dán, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Bàbá ní ẹ̀wà náà máa ń ní irú rẹ̀. Ó jẹ́ ìbéèrè tó dáa, torí ẹ̀wà àti ẹ̀pà ní kókó lóòótọ́, kókó tiwọn sì ṣe wọ́n láǹfààní. Àmọ́ ti ẹ̀wà kàn so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ni, tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í, á bọ́, tí ẹ bá là á, inú rẹ̀ á pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Eléyìí, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú. Kò ṣeé tì bọ́ àfi kí gbòǹgbò já.

Aràn ilẹ̀ ni, èyí táwọn olùkọ́ wa ń pè ní nẹ́mátóòdù. Ojú ò lè rí i nígbà tó bá wà lọ́mọdé. Á wọ orí gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, á jókòó síbì kan, ibẹ̀ á wá wú yí i ká, ojú ọ̀nà omi á sì wọ́. Ìdí tó fi ń rọ lọ́sàn-án nìkan nìyẹn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìwọ̀nba omi tó ń kọjá tó ewé lò. Tí oòrùn bá kan àtàrí tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, ewé ń béèrè ju ohun tí gbòǹgbò lè gbé lọ. Ẹ lè da odò sí ìdí rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ló há. Lákòókò òjò, ooru kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilá àti ṣọkọ Bàbá fi ń ṣe dáadáa lójú wa, tí wọ́n sì ń bọ́ aràn nísàlẹ̀.

Kò sí èyí tí aràn yìí kì í jẹ nínú ohun tá a gbìn níbẹ̀ fọ́dún mẹ́ta. Tòmátì wà níbẹ̀, ilá wà níbẹ̀, ṣọkọ ló wá fẹ́ràn jù. Ní ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa, nǹkan bí oṣù kan ló máa ń gbà á láti inú ẹyin di abo tó ń yé, abo kan sì lè yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin. Nígbà tí tòmátì fi máa gbó, ó ti tó ìran mẹ́ta. Láyé ibòmíràn, ẹ̀ẹ̀rùn ì bá ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmọ́ èmi ni mo ń bomi rin wọ́n. Iyanrìn tí ọkọ́ ń wọlé geere sínú rẹ̀ ni àwọn náà ń rìn geere nínú rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń wà lábẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lóṣù kẹsàn-án, omi yẹn ń mú aràn wọn dín kù. Omi ò bo tèmi rí.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ojú mi lọ síbi nọ́sìrì. Igun oko náà gan-an. Àgbẹ̀ mẹ́fà.

Ọjọ́ kejì ni mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọkọ́ àti korobá. Àwọn mẹ́rin wà nísàlẹ̀ lórí ilẹ̀ amọ̀ tí omi máa ń bò. Kókó wà lẹ́sẹ̀ tòmátì wọn, àmọ́ kò ju díẹ̀ lọ, gbòǹgbò tuntun tó yọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i mọ́ tónítóní. Wọ́n á kó nǹkan. Méjì yòókù wà lórí iyanrìn bíi tiwa. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó, ti yáwó ra epo nígbà tí mo ní kó fi kún omi. Mo gbé gbòǹgbò sí i lọ́wọ́, mo sọ fún un pé inú ọmọ tòmátì tí mo fún un ni aràn náà ti wá, àti pé epo tó rà lẹ́yìn náà, asán ni. Ó dákẹ́ pẹ́.

"Ẹ ò mọ̀, Àǹtí," ó wí níkẹyìn. Lẹ́yìn náà ló tún ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀."

Mi ò ní èsì kankan. Mo bá a hú wọn lọ́jọ́ náà, a sun gbòǹgbò rẹ̀, mo sì bá a wá irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tó lè fi bo ilẹ̀ kó lè rí owó díẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Aràn kì í fi bẹ́ẹ̀ da tẹ̀tẹ̀ láàmú bí ó ṣe ń da ṣọkọ, kò sì pẹ́ nílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ó san nínú gbèsè rẹ̀, kò san án tán.

Ọ̀gá mi ní ká gbé ọjọ́ ìwòran lọ sí oko ẹlòmíràn, ká sì yọ pátákó. Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, àwòrán oko tó kú kì í dùn ún fi ránṣẹ́ sókè. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká ṣe é níbẹ̀. Ọjọ́ náà pé, a tẹ́ àpò funfun sílẹ̀, a to gbòǹgbò láti bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, a fi ti ẹ̀wà tì í kí wọ́n lè fọwọ́ bọ́ ọ wò. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló ṣàlàyé èyí tó pọ̀ jù. Ẹni méje ló gbéra lọ sílé lọ hú tiwọn wò lọ́jọ́ náà. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà péré la ká lóko náà lọ́dún yẹn.

Ẹnì kan wá bá mi pé òun rí oògùn oníhóró kan tí wọ́n ń dà sílẹ̀ tó ń pa aràn. Mo kọ̀ ọ́. Odò tí wọ́n ń pọnmi mu kò jìnnà sí oko náà ju ogójì ìgbésẹ̀ lọ, irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé omi lọ. Òmíràn béèrè nípa irúgbìn tòmátì tó lè dúró de aràn. Ó wà: tí ẹ bá rí lẹ́tà N lẹ́yìn orúkọ irú tòmátì kan, bíi Roma VFN, aràn yìí ló ń sọ. Roma VF tí gbogbo wa ń gbìn ò ní N yẹn lára. Ṣùgbọ́n agbára N yìí máa ń dín kù tí ilẹ̀ bá gbóná kọjá ìwọ̀n 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ilẹ̀ iyanrìn wa lóṣù kejì sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. N kò lè fi gbogbo ara tì í.

Ohun tá a ṣe le ju oògùn lọ, kò sì yá. A hú gbogbo gbòǹgbò, a sun ún. A dá omi dúró, a sì fi ọkọ́ yí ilẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kejì àti oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí oòrùn lè gbẹ ohun tó bá gòkè. A kó nọ́sìrì kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ilẹ̀ tí a ó máa lò fún un báyìí, a máa ń rọ ọ́ sínú ìlàjì dúróòmù, a ó wọ́n omi sí i, a ó dáná sí abẹ́ rẹ̀, a ó sì ri ànàmọ́ kékeré kan sáàárín. Tí ànàmọ́ bá jinná, ilẹ̀ náà ti jinná nìyẹn.

Nígbà tí òjò dé, mo ní kí Bàbá gbin ẹ̀pà sí gbogbo bẹ́ẹ̀dì, torí aràn tó wọ́pọ̀ nídìí tòmátì wa kì í rí jẹ nídìí ẹ̀pà. Bàbá gbà lójú mi. Nígbà tí mo padà dé lóṣù karùn-ún, ẹ̀pà wà lórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá, ilá ti yọ lórí mẹ́wàá yòókù.

"Àǹtí, ẹ̀pà ò ṣeé fi se ọbẹ̀," ó ní. Ọmọ rẹ̀ ń lọ ilé ìwé, ilá ń mówó wọlé lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Mi ò bá a jà. Èmi náà mọ iye tí mo ti jẹ ẹ́.

Lóṣù kẹjọ, mo bu ilẹ̀ láti apá ẹ̀pà sínú abọ́ mẹ́ta, mo bu ti apá ilá sínú abọ́ mẹ́ta, mo sì gbin ṣọkọ sínú gbogbo wọn. Mo gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá kó lè máa bá mi bomi sí i. Ṣọkọ ni mo lò torí pé kì í fi kókó pamọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la dúró. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ wá lọ́jọ́ tí a tú wọn, òun ló fọ gbòǹgbò.

Nínú abọ́ mẹ́ta apá ẹ̀pà, ó ka kókó mẹ́rin lápapọ̀. Ó mú àkọ́kọ́ ti apá ilá, ó wò ó, ó sì dá a padà sínú korobá láìkà á. Bàbá nawọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ti ọ̀kan, kò bọ́. Ó tún ti òmíràn.

"Mélòó ni irúgbìn ẹ̀pà tó kù nílé yín?" ó bi mí.